Fóònù ní ó ti yí, sáfà ní kò yí: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ánímésọ̀n géèmù orí nẹ́tíwọ̀kì

Àwọn tó ń kọ géèmù alájùmọ̀gbá ló máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Kí ọ̀rọ̀ má baà fọ́n káàkiri, eré kan ṣoṣo ni mo máa lò. Àkàndé wà ní Ìbàdàn, Ṣadé wà ní Peckham, sáfà, ẹ̀rọ tó ń darí eré tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni abẹ gé, wà ní Lọ́ńdọ̀n. Àwọn méjèèjì ń jà. Bí Ṣadé bá fẹ́ ta Àkàndé nípàá, Àkàndé lè tẹ bọ́tìnì kan kí ẹ̀dá rẹ̀ yí gbirigbiri kúrò níbẹ̀. Yíyí yìí gba sẹ́kọ́ǹdù 0.8, ó sì ń gbé ẹ̀dá náà lọ síwájú ní mítà 4.

Ṣé a kò kàn lè fi bọ́tìnì ránṣẹ́ sí sáfà, kí a dúró de èsì, kí ẹ̀dá tó yí?

Ẹ lè ṣe é, àmọ́ ẹni tó ń gbá a kò ní fara mọ́ ọn. Wáyà MainOne tó gba abẹ́ òkun láti Èkó dé Portugal gùn tó nǹkan bí kìlómítà 7,000. Nínú irú wáyà fáíbà bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Àlọ nìkan ti jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdù 35 nìyẹn, àlọ àti àbọ̀ 70, a kò sì tíì ka Ìbàdàn sí Èkó, Portugal sí Lọ́ńdọ̀n, òpó fóònù àti gbogbo ibi tí páàkẹ́ẹ̀tì ti ń tò lórí ìlà. Kò sí kọ́ọ̀dù tó lè mú ìmọ́lẹ̀ yára sí i. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, ẹ jẹ́ ká fi àlọ àti àbọ̀ sí mílísẹ́kọ́ǹdù 160. Ẹni tó tẹ bọ́tìnì tí nǹkan kan kò mì fún àkókò yẹn á tún un tẹ̀, á sì ní géèmù yín ń fà.

Nítorí náà fóònù Àkàndé kì í dúró. Bó ṣe tẹ bọ́tìnì báyìí ni ẹ̀dá rẹ̀ ti ń yí, kí sáfà tó gbọ́ rárá. Ohun tí mo ń pè ní ìròtẹ́lẹ̀ nìyẹn: fóònù rò ó tẹ́lẹ̀ pé sáfà á gbà, ó sì ṣe é. Bí sáfà kò bá gbà, àtúnṣe tẹ̀ lé e. John Carmack, ọ̀kan lára àwọn tó kọ géèmù Quake, ló gbé ọgbọ́n yìí wọ QuakeWorld, ẹ̀dà Quake fún orí nẹ́tíwọ̀kì, ní 1996, nígbà tí àwọn èèyàn ń fi móódẹ̀mù orí tẹlifóònù gbá Quake.

Kí la fi ń ránṣẹ́ gan-an? Ṣé bí apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀dá náà ṣe wà ni?

Rárá o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀dá kan ní eegun 60, kí ìyípo eegun kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 6 lẹ́yìn tí ẹ bá ti fún un pọ̀. Báìtì 360 nìyẹn. Bí ẹ bá ń fi í ránṣẹ́ nígbà 20 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, ó di 7,200. Bí ẹ̀dá 20 bá wà lójú pápá, ó di 144,000 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Ní wákàtí kan, ó ti lé ní mẹ́gábáìtì 500, ẹni tó ń ra détà ní Ìbàdàn á sì ti yọ géèmù yín kúrò lórí fóònù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Fóònù kọ̀ọ̀kan ti ní fáìlì ánímésọ̀n náà lọ́wọ́. Nọ́ńbà méjì péré ló kù tó nílò: ánímésọ̀n wo ni, àti ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Báìtì 6 tó fún un, ẹ kò sì nílò láti fi í ránṣẹ́ àfi bí nǹkan bá yí padà.

“Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀” kẹ̀? Ṣé kò tó kí n kàn sọ pé “yí”?

Kò tó, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Bí ẹ bá fi “yí” ránṣẹ́ bí àṣẹ, tí páàkẹ́ẹ̀tì náà sọnù, ẹ̀dá á kàn sún lórí ilẹ̀ ní ìdúró bí ère. Bó bá pẹ́ dé, á bẹ̀rẹ̀ yíyí nígbà tó yẹ kó ti máa dìde. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé náà kò ní mọ̀ rárá pé ẹnì kan ń yí lọ́wọ́.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ni ipò: “yíyí, láti tíìkì 200.” Tíìkì ni ìṣísẹ̀ aago eré. Tiwa ń lu nígbà 50 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdù 20. Ìgbàkígbà tí ìròyìn náà bá dé, ẹni tó gbà á lè ṣírò ibi tó yẹ kí yíyí náà ti dé:

```
t = (tickNow - startTick) * 20   // ms
pose = Sample(clip[id], t)
```

Àǹfààní kejì wà nínú rẹ̀ tí mo kọ́ nígbà tó ti pẹ́. Bí ẹ̀dá bá yí lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, nọ́ńbà ánímésọ̀n kò yí padà, ẹni tó ń wò kò sì ní mọ̀ pé èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Tíìkì ìbẹ̀rẹ̀ ló ń tú àṣírí.

Ẹ ṣàlàyé bí ìròtẹ́lẹ̀ ṣe ń lọ fún mi, tíìkì sí tíìkì.

Ó dáa. Àlọ nìkan jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdù 80, ìyẹn tíìkì 4. Kí àṣẹ Àkàndé lè dé sáfà kí àsìkò rẹ̀ tó kọjá, aago fóònù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú ti sáfà. A fi sí tíìkì 5: mẹ́rin fún ọ̀nà, ọ̀kan fún àyè bí ọ̀nà bá dí díẹ̀.

Àkàndé tẹ bọ́tìnì ní tíìkì 200 lórí fóònù. Ní àkókò yẹn, sáfà ṣì wà ní 195. Ẹ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú ẹsẹ̀ lójú fóònù, àṣẹ sì gbéra pẹ̀lú nọ́ńbà 200 lára. Ó dé nígbà tí sáfà wà ní 199, ó dúró díẹ̀, sáfà sì lò ó nígbà tí òun náà dé 200. Èsì gbéra padà, ó tún gba tíìkì 4, ó sì bá fóònù ní 209.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: nígbà tí sáfà sọ pé “báyìí lo ṣe wà ní 200”, fóònù ti dá ṣe tíìkì 9 míì. Nítorí náà kò gbọ́dọ̀ fi ohun tí sáfà sọ wé ibi tí ẹ̀dá wà báyìí. Ó gbọ́dọ̀ fi í wé ibi tí òun fúnra rẹ̀ gbà pé ẹ̀dá wà ní 200. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń tọ́jú ipò àti bọ́tìnì tíìkì kọ̀ọ̀kan sínú àkójọ kan títí sáfà á fi fọwọ́ sí i. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ó sọ tíìkì 200 nù, eré ń lọ, Àkàndé kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń yẹ òun wò.

Bí wọn kò bá dọ́gba ńkọ́?

Ká ní Ṣadé ti ta Àkàndé nípàá ní tíìkì 198 lórí sáfà. Ipò Àkàndé yí padà sí ìtagìrì: ó ta gìrì sẹ́yìn, kò sì lè yí. Ìròyìn tíìkì 198 bá fóònù Àkàndé ní 207. Láti 200 sí 207, fóònù ti yí i fún tíìkì 8. Nígbà tí yíyí ń gbé e lọ ní sẹ̀ńtímítà 10 ní tíìkì kan, ó ti rin sẹ̀ńtímítà 80 tí kò tọ́ sí i.

Fóònù á gbé ẹ̀dá padà sí ipò tí sáfà sọ ní 198, á sì tún tíìkì 199 dé 207 ṣe pẹ̀lú àwọn bọ́tìnì tó ti tọ́jú, gbogbo rẹ̀ nínú férémù kan. Nígbà tó bá dé 200 tó rí bọ́tìnì yíyí, òfin eré fúnra rẹ̀ á sọ fún un pé ẹni tó ń ta gìrì kì í yí. Sáfà kò nílò láti fi “mo kọ̀ ọ́” ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ̀dá parí sí ibi tó dúró sí, nínú ìtagìrì tó ti lo tíìkì 9.

Ẹ kíyè sí i pé bí àtúnṣe bá fẹ́ ṣeé ṣe, ipò ánímésọ̀n gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí ẹ ń dá padà. Mo ti rí kọ́ọ̀dù tó dá ibi tí ẹ̀dá wà padà láìdá ánímésọ̀n padà. Ohun tó jáde ni ẹ̀dá tó dúró sójú kan tó sì ń yí bí òkòtó.

Ṣé kò ní fò sẹ́yìn lójú ẹni tó ń gbá a?

Á fò, bí ẹ bá jẹ́ kí ojú rí ohun tí ìṣirò rí. Ìdáhùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ara tí ìṣirò ń lò, tó jẹ́ àgbá ṣóńṣó kan lásán, máa fò sí ibi tó tọ́ lójú ẹsẹ̀. Ara tí ojú ń rí, èyí tó wọ aṣọ, á rọra tẹ̀ lé e.

```
offset = drawnPos - simPos     // once, at correction
offset *= exp(-dt / 0.1)       // every frame
drawnPos = simPos + offset
```

Nínú ọ̀ràn tiwa, àlàfo jẹ́ sẹ̀ńtímítà 80. Lẹ́yìn mílísẹ́kọ́ǹdù 100 ó ku nǹkan bí 29, lẹ́yìn 300 ó ku 4. Ojú á rí i bí ẹni tí wọ́n tì sẹ́yìn. Bí àlàfo bá ju bí mítà 3 lọ, èmi kì í rọra. Mo máa ń jẹ́ kó fò, torí ẹ̀dá tó ń fi ìdí wọ́ la ògiri kọjá burú ju èyí tó fò lọ.

Ti ibi tó wà nìyẹn. Ti ìdúró ara le díẹ̀. Ẹ̀dá wà láàárín yíyí, orí wà nísàlẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ìtagìrì. Ẹ po méjèèjì mọ́ra fún mílísẹ́kọ́ǹdù 100 sí 150. Ìbéèrè tó kù ni pé láti ibo nínú ìtagìrì? Ó ti lo mílísẹ́kọ́ǹdù 180 lórí sáfà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó bá aago mu, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ibi tí orí ti gbọ̀n tí àyà ti gba ìpá, Àkàndé kò sì ní rí ohun tó kọlù ú. Mo fẹ́ràn kí n bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kí n sì mú un yára. Bí ìtagìrì bá jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdù 1,000, èyí tó kù lórí sáfà jẹ́ 820, nítorí náà ẹ fi ìyára 1.22 ṣe é, àwọn méjèèjì á parí pa pọ̀. Ojú kì í rí 1.22. Bó bá ti ju 1.5 lọ, ó ń dà bíi fíìmù àtijọ́, níbẹ̀ ó sàn kí ẹ gé ìbẹ̀rẹ̀.

Ìró ẹsẹ̀ ń dún léraléra nínú tèmi. Kí ló dé?

Ẹ káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́. Nínú géèmù àkọ́kọ́ tí mo kọ, a ń tún tíìkì ṣe nígbàkígbà tí ìròyìn sáfà bá dé, ì báà jẹ́ pé àṣìṣe wà tàbí kò sí. Ìró ẹsẹ̀ wà nínú ìṣirò tíìkì. Ẹsẹ̀ kan tó balẹ̀ ní tíìkì 203 ni àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, títí sáfà fi fọwọ́ sí 203. Ìró kan dún nígbà bíi mẹ́sàn-án. Nígbà tí a ń dán an wò ní ilé, tí sáfà wà lórí tábìlì kan náà, kò hàn. Ọjọ́ tí ẹnì kan fi détà wọlé, ẹ̀dá kan ṣoṣo ń rìn bí ọmọ ogun tó ń yan.

Ìṣirò kò gbọ́dọ̀ dún, kò sì gbọ́dọ̀ tú eruku. Kó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé “ẹsẹ̀ òsì, tíìkì 203”, kí apá tó ń yàwòrán yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òun ti ṣe nọ́ńbà yẹn rí kó tó dún. Bí àtúnṣe bá sì sọ pé ẹsẹ̀ náà kò balẹ̀ rárá? Ìró tó ti jáde ti jáde. Ẹ fi í sílẹ̀.

Èmi nìkan ni mo wà lójú pápá, síbẹ̀ àtúnṣe ń ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá yí.

Inú mi dùn pé ẹ dán an wò báyẹn, torí kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì ló ṣẹ̀. Bí kò bá sí ẹlòmíì tó lè dá yín lọ́nà, fóònù àti sáfà ní ohun kan náà lọ́wọ́, ó sì yẹ kí àtúnṣe jẹ́ òdo, bó ti wù kí ọ̀nà jìn tó. Bí kò bá jẹ́ òdo, ìṣirò méjèèjì kò bára mu.

Ní ti yíyí, ẹ kọ́kọ́ fura sí ìrìn tó ń ti inú ánímésọ̀n fúnra rẹ̀ wá. Ẹni tó ya yíyí náà ló pinnu pé kó yára ní àárín kó sì rọ̀ lópin, ẹ̀rọ sì ń ka bí eegun ìpìlẹ̀ ṣe sún nínú férémù kọ̀ọ̀kan. Fóònù tó ń ya férémù 30 ní sẹ́kọ́ǹdù kan ń kà á ní ìgbésẹ̀ mílísẹ́kọ́ǹdù 33, sáfà ń kà á ní 20. Ibi tí wọ́n ti kà á yàtọ̀, àròpọ̀ yàtọ̀, sẹ̀ńtímítà mélòó kan sì ń yọ ní gbogbo ìgbà. Pípo ánímésọ̀n mọ́ra tún ń bà á jẹ́ sí i: bí ẹ̀dá bá ń ti sísáré bọ́ sínú yíyí, ìdajì ìrìn sísáré ń wọnú rẹ̀ lórí fóònù, sáfà tí kì í yàwòrán kò sì mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo yọ ìrìn náà kúrò nínú ánímésọ̀n nígbà tí mo ń kó géèmù jọ, mo tò ó sínú tábìlì ìlà 40, ọ̀kan fún tíìkì kọ̀ọ̀kan. Fóònù àti sáfà ń ka tábìlì kan náà. Ánímésọ̀n di ohun tí ojú ń wò lásán. Nínú Unreal Engine, irú ìrìn yìí kì í gba orí nẹ́tíwọ̀kì dáadáa àfi bó bá wà nínú montage, ìdí nìyẹn tí àṣàyàn `Root Motion from Montages Only` fi wà níbẹ̀.

Ẹ̀dá Ṣadé lójú fóònù Àkàndé ńkọ́? Ṣé òun náà là ń rò tẹ́lẹ̀?

Ìpinnu ọwọ́ Ṣadé kò ṣeé rò tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ìdàkejì là ń ṣe: à ń fi í hàn ní àtẹ̀yìnwá. Sáfà ń fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà 20 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ní mílísẹ́kọ́ǹdù 50. Fóònù ń fi Ṣadé sẹ́yìn ní mílísẹ́kọ́ǹdù 100, ó sì ń kún àárín ìròyìn méjì. Bí ọ̀kan bá sọnù lọ́nà, èkejì ṣì wà lọ́wọ́. Èyí ni Valve fi sínú Source láti ìbẹ̀rẹ̀, `cl_interp 0.1` sì ni nọ́ńbà náà.

Níbi tí ẹsẹ̀ bá ti ń yọ̀ lórí ilẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà onítáyà, ẹ wo ibi tí ìyára ánímésọ̀n rírìn ti ń wá. Ó gbọ́dọ̀ ti inú bí ara tí ojú ń rí ṣe ń sún gan-an wá, kì í ṣe inú ìyára tí sáfà kọ ránṣẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa rí gbogbo èyí nígbà tí sáfà wà lórí tábìlì mi?

Ẹ dá lágì sílẹ̀ fúnra yín. Lórí Linux:

```
sudo tc qdisc add dev lo root netem delay 80ms 15ms loss 2%
sudo tc qdisc del dev lo root
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń fi 80 kún àlọ, ó tún ń fi 80 kún àbọ̀, pẹ̀lú ìyàtọ̀ 15 síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìyàtọ̀ yẹn lè mú kí páàkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ṣáájú ti iwájú, ó sì dáa kí kọ́ọ̀dù yín pàdé ìyẹn ní ilé. Ìlà kejì ń mú un kúrò. Ẹ má gbàgbé rẹ̀, torí gbogbo ohun tó ń gba inú ẹ̀rọ yín fúnra rẹ̀ kọjá ló máa falẹ̀. Nínú Unreal, `p.NetShowCorrections 1` ń ya àgbá pupa sí ibi tí ẹ gbà pé ẹ wà, àti àgbá aláwọ̀ ewé sí ibi tí sáfà gbé yín sí. Bí àgbá méjì náà bá ń jáde nígbà tí ẹ dá wà, ẹ padà sí ìbéèrè ẹni tó dá wà lójú pápá, lókè.

Àkàndé ní òun ti yí kúrò kí ìpá tó dé. Ṣé irọ́ ló ń pa?

Kò pa irọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Nígbà tí fóònù rẹ̀ wà ní 200, sáfà wà ní 195. Ìròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ti 191, a sì tún fi Ṣadé sẹ́yìn ní tíìkì 5 kí àárín lè kún. Ṣadé tí Àkàndé ń wò jẹ́ ti tíìkì 186. Òun fúnra rẹ̀ wà ní 200. Àlàfo tíìkì 14 ló wà láàárín wọn lójú gíláàsì kan náà, mílísẹ́kọ́ǹdù 280. Ìpá tó bà á ní 198 kò tíì hàn sí i rárá nígbà tó tẹ bọ́tìnì.

Ọwọ́ ẹni tó ń ya ánímésọ̀n ni èyí tó kù wà. Bí Ṣadé bá ní láti gbé ẹsẹ̀ sókè fún mílísẹ́kọ́ǹdù 400 kí ìpá tó bà, ìgbésókè náà á ti hàn sí Àkàndé kí ìpá tó bà á, á sì ku bíi 120 fún un láti gbọ́n. Ìyẹn ṣì kéré, torí náà mo fi tiwa sí 500. Ṣadé kò mọ̀ ọ́n lára, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbéra lójú ẹsẹ̀ tó bá tẹ bọ́tìnì. Àwọn Bungie lo irú ọgbọ́n yìí fún jíju bọ́ǹbù ọwọ́ nínú Halo: Reach: ọwọ́ á gbéra lójú ẹsẹ̀, bọ́ǹbù fúnra rẹ̀ á dúró de àṣẹ ẹ̀rọ tó ń darí eré, ọwọ́ tó ń jù ú ló sì bo ìdúró náà mọ́lẹ̀.

Bí píìngì bá lọ sí 300, 500 náà kò ní tó. Nígbà yẹn èmi kì í mú ánímésọ̀n gùn sí i. Mo máa ń kọ ọ́ sójú fóònù pé sáfà jìnnà, kí ẹni náà mọ̀ kó tó wọ ìjà.